Òwe kan ò lè jẹ́ iṣẹ́ mẹ́rin

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Olùkọ́. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa oníṣòwò aṣọ ní Òṣogbo. Àwọn tó ń yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kì í san án lásìkò mọ́. Alága wa ní kí n wá òwe kan tí a ó kọ sára ògiri gbọ̀ngàn, tí a ó tẹ̀ sára ankárá àjọ̀dún, tí a ó kọ sínú ìwé ìyáwó, tí gbogbo wa yóò sì máa kà pọ̀ bí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀. Mo mú 'Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje.' Ọmọ mi ní òwe kọ́ ló yẹ, àkọmọ̀nà ni. Ẹnì kan ní ọ̀rọ̀ ìlànà ni, ẹlòmíràn ní ìjẹ́wọ́ rere ni. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló yà wọ́n sọ́tọ̀, èwo ló sì yẹ wá?"

Akọ̀wé, ẹ kú àníyàn ẹgbẹ́. Òwe tí ẹ mú yẹn bá ọ̀rọ̀ mu dáadáa, mi ò sì ní ní kí ẹ jù ú nù. Ṣùgbọ́n nínú ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí alága kà sílẹ̀, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ibùgbé rẹ̀.

Bí wọ́n bá gbé gbólóhùn kan wá bá mi pé kí n wò ó bóyá ó yẹ ògiri tàbí rédíò, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Nínú òwe, àwọn àgbà tí kò sí níjòkòó ló ń sọ̀rọ̀, nípa ẹnì kan tí wọn ò dárúkọ: "ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà". Nínú ọ̀rọ̀ ìlànà, òfin fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, kò sá sẹ́yìn àgbà kankan. Nínú àkọmọ̀nà, èrò ló ń sọ̀rọ̀, "àwa" ni wọ́n sì ń pe ara wọn. Nínú ìjẹ́wọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun ló ń sọ, òun náà ló ń gbọ́. Bí ẹ bá ti mọ ohùn tó wà nínú gbólóhùn, ẹ ó mọ ibi tó yẹ kó ti dún.

Ẹ jẹ́ ká mú òwe tiyín gan-an. Ẹgbẹ̀fà ni 1,200, egbèje ni 1,400, owó ẹyọ ni wọ́n sì ń kà nígbà náà. Ẹlòmíràn a máa pa á ní ẹgbàafà àti ẹgbàaje, ìyẹn 12,000 àti 14,000. Iye yẹn lè yí padà, àmọ́ àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó wà láàrin wọn kì í yí. Ẹ wá wo bí ó ṣe rọra sọ̀rọ̀. Kò pe onígbèsè ní olè. Kò tilẹ̀ sọ fún un pé kó san owó. Igi ló fi hàn án, igi tó fọwọ́ ara rẹ̀ bẹ́, tó wó dí ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń bọ̀ wá gbà. Olówó ò sí nínú àwòrán yẹn rárá. Ẹni tó yáwó ló wà níbẹ̀, òun àti ọ̀la rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ni òwe máa ń gbà wọlé, ìdí sì nìyẹn tí a fi lè pa á fún ẹni tí a kò fẹ́ dójú tì. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń béèrè. A máa ń wí pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti sọnù kí a tó gun ẹṣin. Ó yẹ kí ẹnì kan wà níwájú yín, kí ọ̀rọ̀ kan wà láàrin yín tí ó ṣòroó sọ, kí ẹ̀yin méjèèjì sì mọ ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ fojú inú wò ó báyìí. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ yá ₦60,000, oṣù mẹ́wàá ni, ₦6,000 lóṣù. Ó san oṣù mẹ́ta, ₦18,000, ó wá dákẹ́. Ẹgbẹ́ rán àgbà obìnrin kan sí i. Ìyá àgbà dé ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè ọjà, ó fọwọ́ kan àdìrẹ tó wà nílẹ̀, ó ní aró rẹ̀ mu. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n, ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án…" Ó dákẹ́ síbẹ̀. Ìyá tó jẹ gbèsè ń ṣẹ́ aṣọ lọ́wọ́, kò gbójú sókè, ó ní, "Ó bẹ́gi dínà egbèje ni, ìyá mi."

Ìdajì tí ìyá àgbà kò sọ yẹn ni iṣẹ́ òwe wà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló fẹnu ara rẹ̀ parí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé wọ́n bú òun. Ó tún lè ṣẹlẹ̀ pé kó má parí rẹ̀, kó dáhùn pé, "Ìyá, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Òwe pàdé òwe nìyẹn. Ẹ má bínú sí i, ó ti ṣílẹ̀kùn ni. Ohun tó ń sọ ni pé òun fẹ́ san, àmọ́ ẹ̀gbẹ̀rún mẹ́fà ti pọ̀ jù fún òun. Ìyá àgbà á wá béèrè pé ẹ̀sọ̀ wo, mélòó lóṣù? Bí ó bá ní ₦3,000, gbèsè tó kù jẹ́ ₦42,000, oṣù mẹ́rìnlá ni yóò fi parí. Ẹgbẹ́ lè gbà tàbí kó kọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọnù ti padà wálé.

Mo sọ pé àgbà obìnrin ni ẹgbẹ́ rán, mi ò ṣèèṣì sọ bẹ́ẹ̀. Bí akọ̀wé bá kéré sí ẹni tó lọ bá, tó sì fẹ́ lo òwe yẹn, kó fi "tótó ó ṣe bí òwe" síwájú, kí àgbà sì fún un láṣẹ, kí ó ní "wà á rí òmíràn pa." Bí a bá fo ìyẹn, òwe á di àfojúdi, òótọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní wọ etí.

Ẹ wá rò ó bí a bá gbé gbólóhùn yìí kan náà sára ògiri. Mo ti rí i rí. Nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tí mo bá wọn ṣe nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, èmi ni mo mú irú òwe bẹ́ẹ̀ wá, èmi náà ni mo ní kí ayàwòrán kọ ọ́ gàdàgbà síwájú gbọ̀ngàn. Ìyá kan wà láàrin wa tí ìsọ̀ rẹ̀ jó, tó sì ń jẹ ẹgbẹ́ lówó. Ìpàdé kìíní lẹ́yìn tí ọ̀dà gbẹ, ó wọlé, ó wo ògiri, ó jókòó sẹ́yìn. Ìpàdé kejì, kò wá. Nígbà tí mo lọ kí i, ohun tó sọ fún mi ni pé, "Olùkọ́, ẹ kúkú lè kọ orúkọ mi sí i." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí títí di òní. Àwa ò ní in lọ́kàn rárá, ṣùgbọ́n òwe tí kò ní ẹni tí a ń pa á fún, ẹni tí àtàrí rẹ̀ bá ń gbóná ni yóò gbà á. Bí òwe bí òwe là ń lu ìlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ògiri ò mọ ẹni tó ń jó. Kò lè dákẹ́ sí ìdajì. Kò lè béèrè àwọn ọmọ.

Ohun tó yẹ inú ìwé ìyáwó ni ọ̀rọ̀ ìlànà. Gbólóhùn tó sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni, ní ṣókí, láìfi àwòrán bò ó. "Ìwà lẹwà" jẹ́ ọ̀kan, "iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́" jẹ́ òmíràn. Ẹ̀yin náà rí i pé kò sí igi níbẹ̀, kò sí ẹṣin, kò sí ẹni tí wọ́n ń pè ní "ẹni tó". Ohùn rẹ̀ tutù, ó dúró ṣánṣán, bákan náà ló sì máa ń dún sí olówó àti tálákà, sí ẹni tó wọlé lónìí àti ẹni tó ti wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Títutù yẹn ni àǹfààní rẹ̀ nínú ìwé. Ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ìyáwó kò wá gbọ́ ìjìnlẹ̀, ó fẹ́ mọ ohun tí òun ń gbà.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ kọ ọ́, mo máa kọ pé: "Ọjọ́ tí a dá ni a ń san owó. Ẹni tí ọjọ́ bá fẹ́ ká mọ́, kó wá sọ kí ọjọ́ tó pé." Gbólóhùn kejì yẹn ṣe pàtàkì. Òwe lè gbé pẹ̀lú òwe tó tako ó, bí a ṣe rí i ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé àsìkò ló ń yan èyí tó bá a mu. Ìlànà kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá kọ ìlànà tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ń rú lóṣooṣù, tí ẹ ń fojú fo ọmọ alága, tí ẹ ń lé ìyá tí ìsọ̀ rẹ̀ jó, kò ní pẹ́ tí wọn ò fi ní ka ìwé náà sí mọ́. Nítorí náà, ààyè tí ẹ mọ̀ pé ẹ máa fún èèyàn, ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà náà kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ọ̀nà tí mo fi ń dán an wò kò ju pé kí n fi orúkọ ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹgbẹ́ sí i, kí n wò ó bóyá mo ṣì lè kà á jáde. Ìdí tí ìlànà kò fi yẹ kó wà lára ankárá ni pé kò sí ẹni tó ń wọ òfin jó.

Ọ̀rọ̀ ankárá kàn, ọmọ yín sì tọ̀nà lórí èyí. Àkọmọ̀nà ló yẹ ẹ́, ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní sílógáànù. Igbe ni, ohùn èrò. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe láti kọ́ èèyàn lẹ́kọ̀ọ́, ńṣe ló ń kó àwọn tó ti gbà tẹ́lẹ̀ jọ kí wọ́n lè gbọ́ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó.

Ẹ rántí ìdìbò ọdún 2019 ní Kwara. Gbólóhùn tó gba ìgboro Ìlọrin nígbà náà ni "Ó tó gẹ́!" Sílébù mẹ́ta péré ni, ohùn òkè sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí a bá fi dò-re-mí kà á bí a ṣe ń kọ́ wọn nílé ìwé, mí-mí-mí ni. Ìlù lè sọ ọ́, fèrè lè sọ ọ́, ọmọdé tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìjọba lè pariwo rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà. Ẹ tún wo "ó" tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí ló tó? Kò sọ. Ẹni tí owó oṣù ń dùn, ìyẹn ló fi sí i. Ẹni tí ọ̀nà àdúgbò rẹ̀ bàjẹ́, ìyẹn ló fi sí i. Àyè tó ṣófo yẹn ló jẹ́ kí èèyàn tó pọ̀ wọ inú rẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń fún un lágbára náà ló ń dá ẹ̀mí rẹ̀ légbodò. Ìdìbò ló bí i, ìjọba tó wà lórí oyè ló sì dojú kọ. Bí ìjọba bá ti yí padà, igbe yẹn ò ní ẹni tí yóò dojú kọ mọ́, àfi kó yíjú sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó. Òwe lè wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọjọ́ orí àkọmọ̀nà kì í ju ti ìjàkadì tó bí i lọ.

Òwe yín jẹ́ sílébù mọ́kàndínlógún. Ẹ kà á lórí ìka. Kò sí ẹgbẹ́ tó lè fi ìyẹn ké lójú agbo. Èyí tí mo bá yín wá rèé: "A yá a, a san án!" Sílébù mẹ́fà. Alága á ké ìdajì kìíní, gbọ̀ngàn á fi ìdajì kejì dá a lóhùn. Ẹ fetí sí bí èdè wa ṣe bá yín ṣe iṣẹ́ náà. Nítorí pé ohùn òkè wà lórí "yá", "a" tó tẹ̀ lé e ń wálẹ̀. Nítorí pé ohùn "san" kò lọ sókè, "án" tó tẹ̀ lé e ń gòkè. Ọwọ́ kan lọ, ọwọ́ kan bọ̀. Bí owó ṣe jáde lọ tó sì ń padà, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ohùn ṣe ń lọ tó ń bọ̀, gángan á sì sọ ọ́ láìsí wàhálà. Ẹ tún wo "a" tó wà níwájú. Kò sí ẹni tí a nàka sí. Ìyá tó jẹ gbèsè lè wọ ankárá yẹn, kó jó nínú rẹ̀, nítorí pé òun náà wà nínú "a".

Ògiri náà, ibẹ̀ ni ẹ gbé èyí sí. Bí ẹ bá ń fẹ́ gbólóhùn kejì níbẹ̀, ẹ fi ìlànà tó wà nínú ìwé ìyáwó sí i ní lẹ́tà kéékèèké.

Èyí tó kù ni ìjẹ́wọ́, ẹ ó sì ní sùúrù fún mi níbẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe tó pọ̀ jù. Ìjẹ́wọ́ rere ni ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ sí ara rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè dúró. Ọ̀gbẹ́ni Émile Coué, apòògùn ará Faransé kan tó gbé ní ìlú Nancy, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ó ní kí èèyàn máa sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, nígbà ogún, pé lójoojúmọ́, ní gbogbo ọ̀nà, ara òun ń yá sí i. Ó tilẹ̀ ní kí wọ́n di kókó ogún sára okùn kí wọ́n lè fi kà á. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò ní kí wọ́n sọ pé ara àwọn ti dá. "Ń yá sí i" ló ní kí wọ́n wí.

Ìyàtọ̀ kékeré yẹn ló ń gbé ìjẹ́wọ́ ró. Ní ọdún 2009, Joanne Wood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde láti Kánádà. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa sọ sí ara wọn pé ẹni tó yẹ ní fífẹ́ràn ni wọ́n. Àwọn tí wọ́n ti níyì lójú ara wọn tẹ́lẹ̀ rí ìtura díẹ̀. Àwọn tí wọn ò níyì lójú ara wọn, tí ìjẹ́wọ́ náà sì yẹ kó ràn lọ́wọ́, àwọn ló wá burú sí i ju àwọn tí kò sọ nǹkan kan lọ. Ọkàn kì í dákẹ́ nígbà tí ẹnu bá ń sọ ohun tí kò gbà gbọ́, ńṣe ló ń kó ẹ̀rí jọ láti fi tako ẹnu.

Àwọn baba wa mọ èyí láìṣe ìwádìí. Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń wúre: "Tọ̀tún tòsì lẹyẹlé fi ń kó ire wọlé. Kí ire máa wọlé tọ̀ mí wá tọ̀tún tòsì." A kì í kàn já lu "ire ń wọlé tọ̀ mí wá." Ẹlẹ́rìí la kọ́kọ́ ń pè. Ẹyẹlé jẹ́ ohun tí ojú ń rí, kò sí ẹni tó lè jà á níyàn, orí rẹ̀ la sì ń gbé ọ̀rọ̀ ara wa lé.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kó gbogbo ẹgbẹ́ dìde pé kí wọ́n máa sọ pé "N kò jẹ gbèsè, ọlọ́rọ̀ ni mí." Ìyá tó ṣì jẹ ₦42,000 mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa, iwájú àwọn tó mọ̀ pé irọ́ ni ló sì ti ń pa á. Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ni ìjẹ́wọ́. Bí ó bá bi yín pé kí lòun lè máa sọ láàárọ̀ kí òun tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kó pe ẹlẹ́rìí tirẹ̀: "Mo ti san ₦18,000, ọwọ́ ara mi ni mo fi san án. Mo ń san ti oṣù yìí." Ẹ jẹ́ kó yí iye náà padà bí ó ṣe ń san án. Kò dùn tó ọlọ́rọ̀ ni mí, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ọkàn rẹ̀ máa rí fi jà á níyàn.

Ẹnì kan máa bi yín ní ibi tí "Èkó ò ní bàjẹ́" wà, torí pé ìwúre ló jọ. Ìwúre ni lóòótọ́ bí a bá wo bí a ṣe tò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Fáṣọlá wà lórí oyè ní Èkó, láàrin ọdún 2007 sí 2015, tí ẹnì kan bá ké e lójú agbo, "Ó bàjẹ́ tì!" ni èrò máa fi dáhùn. Ẹnu èrò ló ti ń jáde, ìdí nìyẹn tí mo fi kà á mọ́ àkọmọ̀nà. Bí ẹnì kan bá dá jókòó nínú yàrá rẹ̀ tó sọ ọ́ nítorí àdúgbò rẹ̀, àdúrà ló gbà yẹn.

Ohun kan ṣì kù kí ẹ tó gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé. Ẹ jókòó tì í títí yóò fi fi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì ní kó tẹ ẹyọ kan fún yín wò kí ó tó tẹ ìyókù. Bí ó bá kọ "A ya a" láìsí àmì lórí "ya", ẹni tó bá kà á lè pè é ní "A ya á", pé a fà á ya, ẹ̀yin sì jẹ́ oníṣòwò aṣọ.